Kí A Tó Pàtẹ́wọ́ fún Ìròyìn Owó

Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, àṣà kan wà tí a kò gbọdọ̀ máa wò níran mọ́. Akápò yóò dìde ní ìpàdé gbogboogbò, yóò ka ìròyìn owó ọdún náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò dé orí àpapọ̀, àpapọ̀ yóò bára mu, gbogbo ilé yóò sì pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá nawọ́ láti béèrè bí a ti ṣe rí ọ̀kan nínú àwọn ìdá tí a kà, àwọn àgbà yóò wo ojú ara wọn bí ẹni pé ó pe akápò ní olè. Ìròyìn yóò di ohun tí a fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó kà á tán.

A fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé àpapọ̀ tí ó bára mu kì í ṣe ẹ̀rí pé ìròyìn tọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí ẹ̀rọ tí ó bá a kọ ọ́, mọ ìròpọ̀. Àṣìṣe tí ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ kì í sábà gbé nínú ìròpọ̀. Inú gbólóhùn ni ó máa ń gbé: nínú ìdá tí a kò sọ ohun tí ó jẹ́ ìdá fún, nínú òṣùwọ̀n tí ó yí padà láàárín ojú ìwé kan sí èkejì, àti nínú iye tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé bí a bá fi ojú ẹni tí ó mọ ẹgbẹ́ náà wò ó. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé yíyẹ ìròyìn owó wò kì í ṣe iṣẹ́ akápò nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Iṣẹ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè kàwé ni, àkókò rẹ̀ sì ni ìgbà tí ìròyìn ṣì jẹ́ àkọsílẹ̀ ìṣáájú tí a lè tún kọ láìsí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ojú wa tó. Ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹgbẹ́ tiwa, fi àkọsílẹ̀ ìṣáájú ìròyìn owó ọdún 2023 ránṣẹ́ sí àwa olùkọ́ mélòó kan kí a lè bá wọn tún èdè Yorùbá inú rẹ̀ ṣe. Èdè ni wọ́n ní kí a tún ṣe, wọn kò ní kí a ṣírò. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ti lè tún gbólóhùn ṣe láìmọ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ. Owó tí ó wọlé, ní fáráǹkì sẹ́fà, ni wọ́n tò báyìí:

Owó oṣooṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́: 1 860 000
Ẹ̀bùn ọjọ́ àjọ̀dún: 1 340 000
Owó ìwé àtìgbàdégbà tí a tà: 420 000
Owó láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ní Èkó: 780 000
Àpapọ̀: 4 400 000

Ẹni tí ó bá rò ó pọ̀ yóò rí i pé ó pé. Owó tí ó jáde jẹ́ 3 930 000, nítorí náà èrè ọdún náà jẹ́ 470 000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú 265 000, wọ́n sì kọ ọ́ pé 735 000 ni ó wà lọ́wọ́ ní ìparí ọdún. Èyí náà pé. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn wá dá àbá kan, àbá tí ó dùn mọ́ gbogbo wa nínú: nítorí pé èrè pọ̀, kí ẹgbẹ́ gba olùkọ́ méjì tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní kíkà àti kíkọ èdè Yorùbá, kí a máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20 000 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá. Èyí jẹ́ 400 000. Wọ́n ti bá àwọn olùkọ́ náà sọ̀rọ̀.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àpapọ̀. A mú pẹ́ńsù, a sì bi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin: kí ni a kà, òṣùwọ̀n wo ni a fi kà á, àkókò wo ni ó wà fún, ìdá kí ni ó sì jẹ́ bí ó bá jẹ́ ìdá? Nọ́ńbà tí kò bá lè dáhùn, a fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá òmíràn nínú ìròyìn náà tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, nítorí nọ́ńbà kì í dá gbé. Iye àwọn tí ó san owó oṣooṣù jẹ́ ìbátan owó oṣooṣù. Iye ìwé tí a tẹ̀ jẹ́ ìbátan owó ìtẹ̀wé.

Ojú ìwé kejì ìròyìn náà sọ pé ẹgbẹ́ ní ọmọ 300, àti pé 240 nínú wọn ni ó san owó wọn pé, tí àwọn 60 yòókù kò tíì san nǹkankan. Owó náà jẹ́ 500 lóṣù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò san 6 000 lọ́dún. Ènìyàn 240 yóò san 1 440 000. Ṣùgbọ́n àtẹ wí pé 1 860 000 ni ó wọlé. Owó tí ó ju èyí tí ó ṣeé ṣe lọ ni yìí, kò sì sí ìròpọ̀ tí ó lè fi èyí hàn, nítorí pé ìròpọ̀ kò mọ iye ọmọ ẹgbẹ́. Àwa tí a mọ iye ọmọ ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a rí i.

Kí ni ìyàtọ̀ náà? Ó jẹ́ 420 000. Ẹ padà wo àtẹ náà, ẹ ó rí i pé 420 000 yìí kan náà ni owó ìwé tí a tà. Nígbà tí ìyàtọ̀ méjì bá rí bákan náà dé orí fáráǹkì tí ó kẹ́yìn, kì í ṣe èèṣì. A lọ bá akápò, ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ láìgba kọ́bọ̀. A kúnlẹ̀ kí i, a sì wí pé: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń gba owó ìwé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn?”

Ó ní: “Àwọn ọmọ tí ń gba owó oṣooṣù náà ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Níbo ni ẹ ti wá rí iye owó oṣooṣù?”

“Nínú ìwé báńkì.”

“Owó ìwé ńkọ́, Bàbá?”

“Nínú ìwé ẹni tí ń tà á…” Bàbá dákẹ́. Ó ti rí i kí a tó sọ ọ́.

Kò sí ẹni tí ó jí nǹkankan. Ìwé báńkì ti ní owó méjèèjì pọ̀, a kọ gbogbo rẹ̀ sí owó oṣooṣù, a sì tún mú owó ìwé láti inú ìwé mìíràn, a kà á lẹ́ẹ̀kejì. Owó kan gba ẹnu ọ̀nà méjì wọlé. Owó tí ó wọlé ní tòótọ́ jẹ́ 3 980 000, èrè sì jẹ́ 50 000. Nígbà tí a ka owó tí ó wà ní báńkì àti èyí tí ó wà nínú àpótí, 315 000 ni a bá, kì í ṣe 735 000. Bí wọ́n bá ti gba àwọn olùkọ́ méjèèjì náà, tí wọn kò tilẹ̀ ná fáráǹkì kan sórí ohun mìíràn, owó ìbá ti tán kí a tó lè san ti oṣù kẹjọ. Àwọn olùkọ́ ìbá ti wà nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ìbá ti jókòó, ẹgbẹ́ kì bá sì ní ohun tí yóò san.

Ẹ ṣàkíyèsí bí 735 000 ṣe dé inú ìwé. Kò sí ẹni tí ó kà á. Wọ́n mú owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n fi èyí tí ó wọlé kún un, wọ́n yọ èyí tí ó jáde. Owó tí a bí nípa ìṣirò báyìí yóò máa bára mu pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé àwọn òbí náà ń purọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé kí ẹ̀dà ìwé báńkì ti ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún wà lẹ́yìn gbogbo ìròyìn owó. Láìsí i, ìparí ìròyìn kàn ń jẹ́rìí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, a dé orí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tí a ti rò pé ìwà àìbìkítà pọ̀ jù lọ. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa. Yorùbá kì í sọ ìdá lásán, a máa ń wí pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n *nínú* ọgọ́rùn-ún, “nínú” yìí sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pé: nínú kí ni? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì sọ nǹkankan.

Ìròyìn náà wí pé owó tí ó wọlé ti fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ọdún 2022 lọ. Ní 2022, 3 520 000 ni ó wọlé. Bí a bá gba 4 400 000 gbọ́, ìyàtọ̀ jẹ́ 880 000. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà pín 880 000 sí ọ̀nà 4 400 000, ó sì rí 20. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ bí nǹkan ti dàgbà tó, iye tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́, kì í ṣe iye tí ó dà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 3 520 000, 25 ni yóò jẹ́. Ọ̀kan nínú wa ti ń tún un kọ sí 25, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti rí àṣìṣe. A dá a dúró. 4 400 000 fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà. Ìyàtọ̀ tòótọ́ jẹ́ 460 000, ìdá tòótọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 13. Èyí ni ó fi yẹ kí iṣẹ́ náà ní ètò: a kọ́kọ́ yẹ àwọn nọ́ńbà tí a kà láti ìta wò, lẹ́yìn náà àpapọ̀, lẹ́yìn náà ìdá. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá yóò fi ìṣirò tí ó dára ṣe àṣìṣe mìíràn lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìdá kejì tí ó wà nínú ìròyìn náà ya wá lẹ́nu ju èyí lọ, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ pé ní 2022, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó san owó wọn, àti pé ó ti di 80 ní 2023, “èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí ń san owó ti pọ̀ sí i”. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ó wà ní 2022? 320. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 240. Ní 2023, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 300 jẹ́ 240. Ẹnìkan kò kún àwọn tí ń san owó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ogún ènìyàn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìlọkúrò wọn ni ó sì gbé ìdá náà sókè. Ìròyìn náà ń yọ̀ lórí ohun tí ó yẹ kí ó bà á nínú jẹ́. Bí ẹ bá rí ìdá méjì tí a fi wéra, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí iye tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá rẹ̀. Bí ìròyìn kò bá sọ iye náà, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé pé kò sọ ọ́.

Ó kù ọ̀kan tí àwọn oníṣòwò pàápàá máa ń ṣì. Ẹgbẹ́ náà ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní 590 000, owó orí ọjà tí à ń pè ní TVA sì wà nínú rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, TVA jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn wí pé owó orí tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 106 200, èyí tí í ṣe ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún 590 000. Ṣùgbọ́n iye ọjà kí a tó fi owó orí kún un ni 18 náà jẹ́ ìdá fún. Ọjà náà jẹ́ 500 000, owó orí jẹ́ 90 000, àwọn méjèèjì sì di 590 000. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pín iye tí a san sí ọ̀nà 118, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá rí di ìlọ́po 18.

Ní ti òṣùwọ̀n, àtẹ owó tí ó jáde ni a kọ “ní ẹgbẹ̀rún fáráǹkì” sí lórí. Ní ìlà ìtẹ̀wé, 650 ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀dà Faransé ìròyìn náà ka èyí bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ẹ̀dà Yorùbá kọ mílíọ̀nù 650. Ojú ìwé méjì tí ó kọjú síra wọn, tí ọ̀kan fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju èkejì lọ! Bí ẹni tí kò gbọ́ Faransé bá nìkan ka ẹ̀dà tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Nípa pípín in. Ìwé 1 000 ni wọ́n tẹ̀. Mílíọ̀nù 650 fún ìwé 1 000 jẹ́ 650 000 fún ìwé kan, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún 650 fún ìwé 1 000 jẹ́ 650 fún ọ̀kan. Èyí ṣeé gbà gbọ́. Bí a ti rí 650 yìí ni a tún rí ohun mìíràn: 600 ni wọ́n ń ta ìwé náà, 700 ni wọ́n sì tà, èyí tí ó fi jẹ́ 420 000 gẹ́gẹ́ bí àtẹ ti wí. Wọ́n ń pàdánù 50 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́ èdè, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn kan máa ń wí fún wa pé irú àyẹ̀wò báyìí jẹ́ àṣà òyìnbó. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ná, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kẹ́ lè tú u padà sí okùn, kí ó sì mọ bóyá ó pé. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣọ́ nọ́ńbà.

Àwa tí a wà láàárín ilẹ̀ tí ń sọ Faransé àti Nàìjíríà sì ní ewu kan tí àwọn tí ó wà ní àárín ilẹ̀ wọn kò ní. Bí a bá kọ 1,250 ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, ọ̀kan àti ìdá mẹ́rin ni. Bí ọmọ wa kan bá kọ ọ́ ní Èkó, ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́ta ni. Bílíọ̀nù tí ìwé ìròyìn Nàìjíríà ń kọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù, èyí tí Faransé ń pè ní mílíáà. Bílíọ̀nù ti Faransé jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Kọ̀ǹpútà pàápàá wà nínú ìjà yìí. Bí a bá ṣètò rẹ̀ fún Faransé, tí a sì tẹ 420.000 pẹ̀lú àmì ìdánudúró, ó lè kà á sí ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, kí àṣẹ ìròpọ̀ sì fò ó dá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tí ó bá fara ti apá òsì àpótí rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fara ti ọ̀tún, yẹ kí ó fu yín lára. Àṣẹ kìíní nísàlẹ̀ yìí ń rò pọ̀. Èkejì ń béèrè bóyá ohun tí ó wà nínú àpótí jẹ́ nọ́ńbà, bí ìdáhùn bá sì jẹ́ FAUX, ẹ tún un tẹ̀.

```
=SOMME(B2:B5)
=ESTNUM(B4)
```

Owó ilẹ̀ òkèèrè náà ní ìlànà tirẹ̀. Láti ọdún 1999 ni a ti so sẹ́fà mọ́ yúrò ní 655,957 fáráǹkì fún yúrò kan. Nítorí náà, bí a bá kọ ọ́ pé ẹnìkan fi 300 yúrò ránṣẹ́ láti Faransé, ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ láìdìde pé ó jẹ́ 196 787, kí a tó yọ owó iṣẹ́ báńkì. Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 gan-an ni ilé ìfowópamọ́ àgbà Nàìjíríà tú okùn rẹ̀, tí ó sì já wálẹ̀ gidigidi. Náírà tí a gbà ní oṣù kìíní àti èyí tí a gbà ní oṣù kejìlá ọdún náà kì í ṣe ohun kan náà, bí iye tí ó wà lára wọn tilẹ̀ bára dọ́gba. Nítorí èyí ni a fi fa ìlà sí abẹ́ 780 000 tí ó ti Èkó wá. Wọn kò kọ ọjọ́, wọn kò kọ iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ. Bàbá akápò wọ yàrá, ó sì kó ìwé ṣíṣẹ́ owó mẹ́ta jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. A rò wọ́n pọ̀. Ó jẹ́ 780 000 géérégé. A nu ìlà náà kúrò, a sì kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìròyìn.

A mọ ohun tí àyẹ̀wò pẹ̀lú pẹ́ńsù kò lè ṣe. Kò lè rí owó tí a gbà tí a kò kọ rárá. Kò lè mọ ìwé ẹ̀rí tí a fi ọgbọ́n ẹ̀tàn kọ, bí iye inú rẹ̀ bá ṣeé gbà gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ olùṣàyẹ̀wò owó tí yóò lọ bá ẹni tí a san owó fún lójúkojú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ fún wa pé kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún olùṣàyẹ̀wò gbàgbé pé òun kì í gbé àárín wa. Kò mọ̀ pé ogún ènìyàn ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò mọ ẹni tí ń gba owó ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ mélòó nínú wa ni ó ní olùṣàyẹ̀wò?

Ní ti àwọn tí ó wí pé ìbéèrè jẹ́ àfojúdi sí àgbà, a bi wọ́n: èwo ni ó bu ọlá fún Bàbá akápò, kí ọmọ méjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ nígbà tí ìwé ṣì ṣeé tún ṣe, tàbí kí àwọn olùkọ́ tí a kò san owó fún wá máa pè é ní olè láàárín ọjà ní oṣù kẹjọ? Ìpàdé gbogboogbò ni ibi tí ó burú jù láti wá àṣìṣe. Níbẹ̀, gbogbo ìbéèrè ti di ẹjọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ wa kò pọ̀. Kí àkọsílẹ̀ ìṣáájú dé ọwọ́ ó kéré tán ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí yóò ka ẹ̀dà Yorùbá àti ti Faransé pa pọ̀. Kí ẹ̀dà ìwé báńkì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí a kọ iye tí ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta náà kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀, kí akápò sì kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdáhùn tí ó fi hàn pé òun ni ó jàre, bí ó ti rí nípa owó Èkó.

Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ tún ìròyìn wọn kọ kí ìpàdé tó dé. Wọ́n kọ 13 dípò 20, wọ́n sọ pé ogún ènìyàn ti lọ, ìpàdé sì fi ìdajì ọjọ́ jíròrò ìdí tí wọ́n fi lọ. Wọ́n gba olùkọ́ kan dípò méjì, fún oṣù márùn-ún, ní 20 000 lóṣù. Èyí jẹ́ 100 000, wọ́n sì kọ ibi tí yóò ti wá: 50 000 láti inú èrè, 50 000 láti inú owó tí ó ti wà nílẹ̀.